Agbádá mélòó, kàfùtáànì mélòó? Bí a ṣe ń fi ìlà àti igun wá èrè tó pọ̀ jù

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ní Ìbàdàn. Aṣọ ọkùnrin ni wọ́n ń rán níbẹ̀, oríṣi méjì ló sì ń mú owó wọlé jù: agbádá tó ní bùbá àti ṣòkòtò tirẹ̀, àti kàfùtáànì pẹ̀lú ṣòkòtò. Nígbà tí òde ìgbéyàwó pọ̀, tí àwọn oníbàárà ń kó aṣọ wá lọ́tùn-ún lósì, ẹ̀gbọ́n bi mí pé nínú méjèèjì, èwo ni kí àwọn gbájú mọ́. Kí n tó lanu, wọ́n ti dá ara wọn lóhùn: "Agbádá ló lówó lórí jù. Agbádá nìkan ni mo máa gbà lọ́sẹ̀ yìí."

Ìdáhùn yẹn bọ́gbọ́n mu létí, àmọ́ bí a ti máa rí i níwájú, ₦16,000 ló máa já gbà lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Irú ìṣòro yìí, níbi tí ọjà méjì ti ń jìjàdù fún àkókò àti irinṣẹ́ kan náà, ni ìṣirò tí wọ́n ń pè ní línìà porogíráàmù wà fún. Bó bá jẹ́ ọjà méjì péré ni, ìwé gíráàfù kan, rúlà àti pẹ́ńsùlù ti tó láti yanjú rẹ̀. Mo fẹ́ kí a jọ ṣe ti ṣọ́ọ̀bù yìí látìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ẹ sọ ohun tí ẹ ń wá lórúkọ

Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ ọ́ ní kíkún:

```
x = iye agbádá tí a máa rán tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan
y = iye kàfùtáànì tí a máa rán tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan
```

Ẹ má ṣe kọ "x = agbádá" lásán. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tó sì fi x ṣe iye aṣọ ní ìlà kan, tó tún fi ṣe wákàtí ní ìlà kejì, tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sì dàrú. Iye ni x, ó sì ní àsìkò tó so mọ́ ọn. Tí a bá ti sọ pé ọ̀sẹ̀ kan ni, gbogbo nọ́ńbà tó kù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kan.

Èrè tó wà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan

Oníbàárà ló ń ra aṣọ wá fúnra rẹ̀, nítorí náà owó iṣẹ́ nìkan ni ṣọ́ọ̀bù ń gbà: ₦25,000 lórí agbádá, ₦10,000 lórí kàfùtáànì. Òwú, gọ́ọ̀mùsítéè àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tó wọ agbádá kan jẹ́ ₦5,000, ti kàfùtáànì sì jẹ́ ₦2,000. Ohun tó ṣẹ́ kù lórí ẹyọ kan wá jẹ́ ₦20,000 àti ₦8,000. Èrè gbogbo ọ̀sẹ̀, tí a óò pè ní P, ni:

```
P = 20000x + 8000y
```

Ẹ̀gbọ́n fẹ́ kí a yọ owó ṣọ́ọ̀bù kúrò nínú èrè agbádá kọ̀ọ̀kan. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù. Yálà agbádá kan ni wọ́n rán tàbí mẹ́wàá, iye kan náà ni onílé máa gbà, owó yẹn kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú èwo ni kí a rán. Ẹ̀yìn tí a bá ti rí èsì la máa yọ ọ́. Bákan náà ni owó àwọn aránṣọ méjì tó wà níbẹ̀, torí owó ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ká ní iye aṣọ tí wọ́n rán ni wọ́n fi ń gbowó ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀: a gbọ́dọ̀ yọ owó náà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí a tó kọ P sílẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń ya méjèèjì sọ́tọ̀: bí mo bá rán ẹyọ kan sí i, ṣé owó yìí máa lé sí i? Bó bá máa lé, ó wà nínú P.

Àwọn ààlà

Ká ní kò sí ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́, èrè kò ní lópin. Ohun mẹ́ta ló ń dí ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́wọ́.

Èkíní ni wákàtí ìránṣọ. Aránṣọ méjì, wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 96. Agbádá kan ń gba wákàtí 8, kàfùtáànì ń gba 4.

Èkejì ni ẹ̀rọ tó ń kóṣẹ́ sára aṣọ, èyí tí àwọn télọ̀ ń pè ní mọnogíráàmù. Ẹyọ kan ni wọ́n ní, iná ìjọba ló sì ń lò. Wákàtí márùn-ún lóòjọ́ ni iná tó ṣeé gbára lé ládùúgbò wọn, tó jẹ́ 30 láàárín ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n ní agbádá kan ń gba wákàtí méjì lórí ẹ̀rọ náà. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, mo tan aago fóònù mi. Wọ́n de àyà agbádá mọ́ férémù, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Òwú já lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n tú férémù, wọ́n yí aṣọ padà, wọ́n de ẹ̀yìn ọrùn mọ́ ọn, wọ́n wá pààrọ̀ àwọ̀ òwú. Nígbà tí wọ́n fi yọ agbádá náà kúrò, wákàtí mẹ́ta ti kọjá. Wákàtí méjì tí ẹ̀gbọ́n ń sọ, ìgbà tí abẹ́rẹ́ ń lọ sókè sódò nìkan ni. Ti kàfùtáànì jẹ́ wákàtí kan géérégé.

Ẹ̀kẹta ni ọjà. Agbádá tó wà nílẹ̀ lásìkò yẹn kọjá ohun tí wọ́n lè rán, àmọ́ kàfùtáànì tó ń wọlé kì í ju 16 lọ lọ́sẹ̀.

A wá kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Àmì `<=` túmọ̀ sí pé apá òsì kò gbọdọ̀ ju apá ọ̀tún lọ:

```
Ìránṣọ:        8x + 4y <= 96
Mọnogíráàmù:   3x +  y <= 30
Ọjà:                 y <= 16
               x >= 0,  y >= 0
```

Ìlà tó kẹ́yìn dà bí ohun tí kò nílò sísọ, torí kò sẹ́ni tó lè rán agbádá tó dín sí òdo. Àmọ́ ìwé gíráàfù kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá kọ ọ́, àyè tí a ń wá á ṣàn gba apá òsì lọ.

Kí ẹ tó gbé rúlà, ẹ wo ìlà kọ̀ọ̀kan pé irú ohun kan náà ló wà lápá méjèèjì. Wákàtí 8 fún agbádá kan, ìlọ́po x, wákàtí ni. 96 náà, wákàtí ni. Tí ẹ bá kọ wákàtí sí apá kan, tí ẹ sì kọ ìṣẹ́jú sí apá kejì, gíráàfù náà máa jáde, ó máa rẹwà lójú, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò máa pa.

Yíya ìlà sórí ìwé

Ẹ fi ìlà ìbú ṣe x, kí ẹ fi ìlà òòró ṣe y. Mo lo sẹ̀ńtímítà kan fún agbádá kan lórí ìbú, àti sẹ̀ńtímítà kan fún kàfùtáànì méjì lórí òòró, kí gbogbo rẹ̀ lè wọ ojú ìwé kan.

Láti ya ààlà kan, ẹ kọ́kọ́ ṣe é bí ẹni pé ó dọ́gba. Fún ìránṣọ, 8x + 4y = 96. Bí x bá jẹ́ òdo, y jẹ́ 24; bí y bá jẹ́ òdo, x jẹ́ 12. Ẹ fi àmì sí (0, 24) àti (12, 0), kí ẹ fi rúlà so wọ́n pọ̀. Fún mọnogíráàmù, ọ̀nà kan náà gbé wa dé (0, 30) àti (10, 0). Ti ọjà rọrùn: ìlà tó tẹ́jú gbalaja níbi tí y ti jẹ́ 16.

Ìlà kọ̀ọ̀kan ti pín ojú ìwé sí méjì. Láti mọ apá tó jẹ́ tiwa, ẹ fi (0, 0) dán an wò. Bí a kò bá rán nǹkan kan, wákàtí òdo la lò, òdo kò sì ju 96 lọ, nítorí náà apá tí (0, 0) wà ni tiwa. Ní tèmi o, apá tí a kò fẹ́ ni mo máa ń fi pẹ́ńsùlù kùn. Bí ẹ bá kun apá tí ẹ fẹ́ nígbà mẹ́ta, àwọ̀ mẹ́ta á gun ara wọn, ojú á sì dàrú. Bí ẹ bá kun èyí tí ẹ kò fẹ́, ibi tó bá ṣẹ́ kù ní funfun ni àyè tó ṣeé ṣe.

Àyè funfun tiwa ní igun márùn-ún. Gbogbo ojú tó wà nínú rẹ̀ ni ètò ọ̀sẹ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù náà lè ṣe láìrú òfin kankan.

Kí ló dé tó fi jẹ́ igun?

Àìlóǹkà ojú ló wà nínú àyè yẹn, a ò sì lè dán gbogbo wọn wò. Ẹ jẹ́ ká béèrè pé ètò wo ló máa mú ₦80,000 wá. 20000x + 8000y = 80000 jẹ́ ìlà kan láti (4, 0) dé (0, 10); ibikíbi tí ẹ bá dúró lórí rẹ̀, ₦80,000 ni. Ti ₦160,000 gba (8, 0) àti (0, 20). Ẹ ya méjèèjì, ẹ máa rí i pé wọn kò pàdé níbì kankan: bákan náà ni wọ́n ṣe dagun, èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ sì jìnnà sí òdo ju ìkejì lọ.

Ẹ wá gbé rúlà lé ìlà ₦160,000, kí ẹ máa sún un sókè sọ́tùn-ún láìjẹ́ kó yí. Bó ti ń lọ ni owó ń pọ̀ sí i. Títí dìgbà wo? Títí di ìgbà tó bá fẹ́ já kúrò lórí àyè funfun. Ojú tó bá fọwọ́ kàn gbẹ̀yìn ni èrè tó ga jù wà. Nítorí pé ìlà gbọọrọ ló yí àyè náà ká, ojú ìkẹyìn yẹn kò lè wà láàárín. Igun ló máa jẹ́. Nígbà míì ó lè jẹ́ odindi ẹ̀gbẹ́ kan, bí rúlà bá dagun bákan náà pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, àmọ́ igun méjì náà ló wà ní ìpẹ̀kun ẹ̀gbẹ́ yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ka èrè gbogbo igun kò lè pàdánù èyí tó dára jù.

Kíka igun, àti àwọn igun èké

Igun mẹ́ta wà lórí ìlà ìbú àti ìlà òòró, ojú lásán ti tó láti kà wọ́n: (0, 0), (10, 0) àti (0, 16). Méjì tó kù nílò ìṣirò. Ẹ má ṣe fojú kà wọ́n lórí gíráàfù, torí ìmú pẹ́ńsùlù lásán lè ṣi yín lọ́nà.

Níbi tí ìránṣọ àti mọnogíráàmù ti pàdé, ẹ fi 4 pín ìlà ìránṣọ kó lè rọrùn:

```
3x + y = 30
2x + y = 24
----------- (yọ ìsàlẹ̀ kúrò lára òkè)
 x     = 6     nítorí náà y = 24 - 12 = 12
```

Níbi tí ìránṣọ àti ọjà ti pàdé, y jẹ́ 16, 2x jẹ́ 8, x sì jẹ́ 4. A wá ṣírò èrè:

```
(0, 0)     P = 0
(10, 0)    P = 200000
(6, 12)    P = 120000 + 96000  = 216000
(4, 16)    P = 80000 + 128000  = 208000
(0, 16)    P = 128000
```

Agbádá mẹ́fà, kàfùtáànì méjìlá, ₦216,000. Ètò ẹ̀gbọ́n, agbádá nìkan, ni (10, 0). Ibẹ̀ ni ₦16,000 yẹn ti sọnù. Ẹ wo ìdí rẹ̀ dáadáa: agbádá mẹ́wàá ti jẹ wákàtí mọnogíráàmù tán pátá, àmọ́ wákàtí 80 péré ni àwọn aránṣọ lò nínú 96. Wọ́n á jókòó wákàtí 16 láìríṣẹ́ ṣe nígbà tí kàfùtáànì ń dúró dè wọ́n.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú rèé. Ìlà márùn-ún tó wà lórí ìwé, tí ìlà ìbú àti òòró wà lára wọn, pàdé ara wọn níbi mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n márùn-ún péré ló jẹ́ igun àyè funfun. Mẹ́rin tó kù, èké ni wọ́n, àwọn kan nínú wọn sì ń tanni jẹ. Níbi (12, 0), P jẹ́ ₦240,000, ó ju èsì tiwa lọ, àmọ́ agbádá méjìlá nílò wákàtí mọnogíráàmù 36, 30 la sì ní. Níbi tí mọnogíráàmù ti pàdé ọjà, x jẹ́ nǹkan bí 4.67, y jẹ́ 16, P ju ₦221,000 lọ. Ẹ fi sínú ìlà ìránṣọ: ó ju wákàtí 101 lọ. Kí ẹ tó gba ojú èyíkéyìí ní igun, ẹ fi í sínú gbogbo ààlà, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá kọ̀ ọ́, ẹ fi ìlà fa á.

Ẹ rántí wákàtí méjì tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọ. Ká ní a fi 2 sípò 3 ni, ìlà mọnogíráàmù á jẹ́ 2x + y <= 30. Ó máa jìnnà sẹ́yìn ìlà ìránṣọ, kò ní kan àyè funfun rárá, (12, 0) á wá di igun gidi, gíráàfù á sì sọ fún wa tìgboyà-tìgboyà pé kí a rán agbádá méjìlá. Lọ́jọ́ Satidé, agbádá méjì ṣì máa wà nílẹ̀ láìkóṣẹ́ sí, ẹni tó ni ín á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ìṣirò tó lè tún wákàtí tí a kò wọ̀n ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti ẹ̀rọ náà.

Bí iye owó bá yí padà

Iye owó iṣẹ́ kì í dúró sójú kan, ó sì yẹ kí a mọ ibi tí èsì wa lè dé kó tó yẹ̀. Dídagun rúlà ló ń pinnu igun tó gbẹ̀yìn. Lórí ìlà ìránṣọ, agbádá kan ṣe déédéé kàfùtáànì méjì. Lórí ìlà mọnogíráàmù, ó ṣe déédéé mẹ́ta. Níwọ̀n ìgbà tí èrè agbádá kan bá wà láàárín ìlọ́po méjì àti ìlọ́po mẹ́ta èrè kàfùtáànì, (6, 12) ló máa borí. Bí èrè kàfùtáànì bá dúró sí ₦8,000, èrè agbádá lè wà níbikíbi láàárín ₦16,000 sí ₦24,000 láìjẹ́ pé ètò yí padà. Bó bá jẹ́ ₦24,000 gan-an, (6, 12) àti (10, 0) á mú ₦240,000 wá bákan náà. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ló máa jóòótọ́: agbádá nìkan.

Bí a bá rí wákàtí kan kún un

Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n wá bi mí lẹ́yìn èyí dùn mọ́ mi nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ: "Bí mo bá tan jẹnẹrétọ̀, ṣé yóò pé mi?"

Ní (6, 12), ìránṣọ gbà wákàtí 96 pé, mọnogíráàmù gbà 30 pé. Ọjà nìkan ló ṣẹ́ kù, torí kàfùtáànì mẹ́rin ṣì lè wọlé. Nítorí náà, oníbàárà kàfùtáànì púpọ̀ sí i kò ní fi kọ́bọ̀ kan kún èrè wa báyìí; wákàtí nìkan ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 31 sípò 30, kí ẹ tún igun náà ṣírò: x jẹ́ 7, y jẹ́ 10, P jẹ́ ₦220,000. Wákàtí mọnogíráàmù kan mú ₦4,000 wá. Ẹ dá 30 padà, kí ẹ fi 97 sípò 96: x jẹ́ 5.75, y jẹ́ 12.75, P jẹ́ ₦217,000. Wákàtí ìránṣọ kan mú ₦1,000 péré wá. Ẹ̀gbọ́n ti ń ronú àtigba aránṣọ kẹta. Iná gan-an ló ń fún wọn lọ́rùn.

₦4,000 yìí ní ibi tó ń parí sí. Bí ẹ bá ṣe ń fi wákàtí kún mọnogíráàmù, bẹ́ẹ̀ ni igun náà ń yọ́ lọ sísàlẹ̀ lórí ìlà ìránṣọ. Tó bá di wákàtí 36, ó ti dé (12, 0). Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ohun tí wákàtí mìíràn lè ṣe, torí àwọn aránṣọ kò lè rán agbádá kẹtàlá.

Ẹ tún wo 5.75 àti 12.75 yẹn. Bí ṣọ́ọ̀bù bá lè fi agbádá tó kù díẹ̀ kó parí sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kò sí wàhálà. Àmọ́ bí aṣọ gbọ́dọ̀ parí lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má kàn fi nọ́ńbà tó súnmọ́ ọn rọ́pò. (6, 13) nílò wákàtí ìránṣọ 100, kò ṣeé ṣe. (5, 12) ṣeé ṣe, àmọ́ ₦196,000 ni. Ẹ dán àwọn odindi nọ́ńbà tó yí igun náà ká wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan: (6, 12) ṣì ló dára jù, ìyẹn ni pé wákàtí ìránṣọ kan ṣoṣo tí a fi kún un kò mú nǹkan kan wá lọ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá ní ọjà mẹ́ta, ẹ máa nílò gíráàfù tó ní ìbú, òòró àti jíjìn. Bó bá jẹ́ mẹ́rin, ìwé ti kọ̀. Ọ̀nà tí George Dantzig, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀ ní 1947 ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Láti igun dé igun náà ló ń rìn, tó ń yan ẹ̀gbẹ́ tí èrè ti ń gòkè, títí kò fi ní sí ẹ̀gbẹ́ tó tún gòkè mọ́. `Solver` tó wà nínú `Excel` lè bá yín rìn ín. Kìkì pé òun náà kò ní jókòó ti ẹ̀rọ pẹ̀lú aago.

Ẹ̀gbọ́n ṣírò epo àti àjẹmọ́ṣẹ́ ọmọkùnrin tó ń darí mọnogíráàmù fún wákàtí kan, ó jẹ́ ₦2,500. Ó kéré sí ₦4,000. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀ yẹn, agbádá mẹ́jọ àti kàfùtáànì mẹ́jọ ló sì jáde: ₦224,000, kí a tó yọ ₦5,000 epo àti àjẹmọ́ṣẹ́ kúrò.